Ẹ Yí Bàtà Bọ́ọ̀lù Náà Dojú Dé Kí Ẹ Tó Sanwó

Àwọn tó ń ta bàtà òkirikà ní Kàtàngówà mọ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà bọ́ọ̀lù fa oníbàárà lójú. Wọ́n á so okùn bàtà méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sókè, àwọ̀ á sì máa dán yinrin. Oníbàárà á wo àmì ilé-iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Ibi tí bàtà fi ń kan ilẹ̀ kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Púpọ̀ nínú àwọn bàtà yìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká ni wọ́n ti wọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Pápá tí òjò kì í jìnnà sí, tí koríko rẹ̀ nípọn, tí erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Tí ẹ bá wá gbé irú bàtà bẹ́ẹ̀ lọ sí pápá ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn lóṣù kejì ọdún, nígbà tí ilẹ̀ pupa ti gan bíi símẹ́ǹtì, ẹ ti gbé e lọ síbi tí ẹni tó rán an kò fojú sí.

Sítọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ẹyọ tó yọ jáde lábẹ́ bàtà, ní iṣẹ́ méjì. Èkíní ni kó wọ inú ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ nígbà tí ènìyàn bá sá eré tàbí tó dúró lójijì. Èkejì, tí àwọn ènìyàn kì í rò, ni kó tètè jáde kúrò nínú ilẹ̀ nígbà tí ara bá yí. Ilẹ̀ líle kì í jẹ́ kí sítọ́ọ̀dù gígùn wọlé. Koríko àtọwọ́dá kì í jẹ́ kó jáde. Ilẹ̀ rírọ̀ nìkan ló fẹ́ ẹ gígùn, kódà ilẹ̀ rírọ̀ ti ọ̀dọ̀ wa náà ní àrékérekè tirẹ̀.

Lẹ́tà méjì ni ilé-iṣẹ́ máa ń kọ sára páálí bàtà, tàbí sí ahọ́n rẹ̀, tàbí sí abẹ́ rẹ̀. SG ni ti ilẹ̀ rírọ̀. FG ni ti koríko tí ilẹ̀ rẹ̀ kò rọ̀ púpọ̀, tí kò sì gan. HG ni ti ilẹ̀ líle. AG ni ti koríko àtọwọ́dá. TF ni èyí tí abẹ́ rẹ̀ kún fún ẹyọ rọ́bà wẹ́wẹ́. FG ló pọ̀ jù lọ lọ́jà, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi gbà pé òun ni bàtà bọ́ọ̀lù, tí àwọn yòókù wá dà bí àfikún. HG ni ó sì ṣọ̀wọ́n jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ì bá wúlò jù fún ọ̀pọ̀ pápá wa. Àwọn tó ń ṣe bàtà kò ṣe é fún wa, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọn kílò 72, ká fi í sórí ilẹ̀ líle. Nígbà tó bá ń sáré, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, agbára tí ẹsẹ̀ yẹn sì fi ń kanlẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìyẹn kílò 180. Tó bá wọ SG àtijọ́, tí sítọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà péré, mẹ́rin níwájú, méjì ní gìgísẹ̀, tó sì ń fi iwájú ẹsẹ̀ sáré, sítọ́ọ̀dù mẹ́rin ló ń gbé gbogbo ẹrù yẹn. Kílò 45 ló bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ibi tí kò ju orí ìka lọ. Tí ilẹ̀ bá rọ̀, sítọ́ọ̀dù á rì, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà á gúnlẹ̀, ẹrù á sì tàn ká gbogbo rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá le, kò síbi tó máa rì sí. Orí sítọ́ọ̀dù mẹ́rin ni ọmọ náà dúró sí, ìtì tí ilẹ̀ ń dá padà sì ń gba inú ike kọjá bọ́ sí egungun iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá fún un ní bàtà tí sítọ́ọ̀dù iwájú rẹ̀ jẹ́ 16, kúkúrú, orí rẹ̀ fẹ̀: kílò 11 àti díẹ̀ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan náà, ilẹ̀ kan náà, eré kan náà.

Ara máa ń sọ ọ́ kí dókítà tó sọ ọ́. Ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́yìn eré, kí ẹ tẹ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ níbi tí ó ti ń wú lẹ́yìn àwọn ìka. Tí ibi kọ̀ọ̀kan bá ń dunni, tí àwọn ibi náà sì bá àyè sítọ́ọ̀dù mu, bàtà yẹn ga ju ilẹ̀ yẹn lọ. Ti ọmọdé tún le díẹ̀. Láàárín ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá, egungun gìgísẹ̀ ṣì ń dàgbà, ibi tí iṣan ńlá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti so mọ́ ọn kò tíì le tán. Ọmọ tó ń fi sítọ́ọ̀dù gígùn sá eré lórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn nígbà tó bá ń bọ̀ wálé, kó máa sọ pé gìgísẹ̀ ń dun òun. Àwọn òbí á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ó ti gbá bọ́ọ̀lù jù. Bàtà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Àmì mìíràn tún wà lára bàtà fúnra rẹ̀. Lórí ilẹ̀ líle, orí sítọ́ọ̀dù á tètè jẹ, pàápàá méjì tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa yọ̀ ní ibi tó yẹ kó dúró, nítorí pé ike tó le kò ní ohun tó máa dì mú lórí ilẹ̀ tí yanrìn tínńtín bò. Rọ́bà ló máa ń di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí TF fi dára lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí koríko ti tán lórí rẹ̀, tó dára ju FG olówó ńlá lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń wọ kánfáàsì gbá bọ́ọ̀lù lójú títì kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀ pé rọ́bà tó tẹ́ lábẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà tiẹ̀ gbá a láìwọ nǹkan kan rárá. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣeré ní 1949, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà, wọ́n kàn fi aṣọ di ọrùn ẹsẹ̀ ni.

Tèslímù Balógun wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ó sì wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Sùúrùlérè wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti tẹ́ koríko àtọwọ́dá ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sí Oníkàn àti Agége. Àwọn pápá kékeré tí wọ́n ń fi wákàtí yáni náà ti pọ̀ káàkiri ìgboro. Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá, nítorí pé ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Ó dà bí koríko, ó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ènìyàn á rò pé bàtà koríko ló yẹ ẹ́.

Ẹ tú irun rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Irun ike ló wà lókè, ó sábà máa ń gùn láàárín mìlímítà 40 sí 60, wọ́n sì gbìn ín mọ́ aṣọ líle kan. Wọ́n da yanrìn sáàárín irun náà kó lè wúwo kó sì dúró, wọ́n wá da rọ́bà wẹ́wẹ́ dúdú sórí yanrìn. Rọ́bà yìí ni ẹ máa ń rí nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ yín tó bá ti ibẹ̀ dé. Kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko gidi, tó sì yí pẹ̀lú agbára, erùpẹ̀ máa ń ya: sítọ́ọ̀dù á gbé odindi koríko pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ á sì bọ́. Kòtò kékeré tí ó ṣẹ́ kù nínú pápá yẹn ni orúnkún fi gba ara rẹ̀ là. Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ koríko àtọwọ́dá kì í ya. Tí sítọ́ọ̀dù gígùn bá gún rọ́bà àti yanrìn já, tí irun ike dì í mú láti ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ á dúró síbẹ̀ nígbà tí ara ti yí lọ. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni orúnkún.

Okùn iṣan kan wà nínú orúnkún tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun, tí kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú tàbí kó yí kọjá àyè rẹ̀. Òun ló sábà máa ń já nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fara kan ẹni náà. Àwọn tó wà nítòsí máa ń ní àwọn gbọ́ ọ tó dún pàù. Orúnkún á wú láàárín wákàtí díẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ padà sórí pápá lè lo oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe sítọ́ọ̀dù nìkan ló ń fà á, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mi ní àgbọ́yé: àárẹ̀, bí iṣan itan ṣe lágbára tó, àti bí ènìyàn ṣe ń balẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ní ọwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀dù ni èyí tó rọrùn jù láti pààrọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí i tipẹ́ nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé. Ní Filadẹ́fíà, nígbà tí àwọn dókítà fi àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tó wọ bàtà olójú gígùn méje wé àwọn tó wọ èyí tí ojú rẹ̀ pọ̀, tó sì kúrú, orúnkún tó fara pa dín kù gidigidi láàárín àwọn olójú kúkúrú.

Bàtà AG tẹ̀lé ọgbọ́n kan náà. Sítọ́ọ̀dù rẹ̀ lè lé ní 20, ó kúrú ju ti FG lọ, ó rí roboto, inú òmíràn sì ṣófo kó lè tẹ̀ díẹ̀ tó bá kanlẹ̀. Inú rọ́bà ló ń dúró sí, kì í gún un já. Ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè ní ó ń yọ̀ díẹ̀ nígbà tí òun bá yí. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ìyọ̀ díẹ̀ yẹn ni orúnkún ń fẹ́.

FG kì í pẹ́ lórí koríko àtọwọ́dá, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí fún ẹni tí ọ̀rọ̀ orúnkún kò bá tíì yé. Agbára tí kò rí erùpẹ̀ ya máa ń padà sórí bàtà: sítọ́ọ̀dù á ṣẹ́ láti ìdí, tàbí kí àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára awọ níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Ooru náà tún wà níbẹ̀. Tí oòrùn bá mú, koríko àtọwọ́dá máa ń gbóná ju koríko gidi lọ fíìfíì, ó sì máa ń rọ lẹ́ẹ̀mù tó so bàtà pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣeré lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí mò ń sọ.

Fún pápá kékeré tí irun ike rẹ̀ kúrú, tí rọ́bà inú rẹ̀ sì ti gbá lọ tán, TF sàn ju AG pàápàá. Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ń yá ní ìgboro, nítorí pé ẹni tó ni ín kì í tún da rọ́bà sí i. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá orí rẹ̀: tí rọ́bà dúdú kò bá fò, tí irun ti dùbúlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ líle tí wọ́n kun láwọ̀ ewé lẹ dúró sí. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Pẹ́kámù ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yìí, torí pé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń yá níbẹ̀ ti fi òfin de sítọ́ọ̀dù onírin láti ẹnu ọ̀nà.

Irin náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1954, òjò rọ̀ sórí pápá Wáńkídọ́ọ̀fù ní Bẹ́ẹ̀nì, lórílẹ̀-èdè Súwísì, níbi tí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Họ́ńgárì ti ń dupò àṣekágbá Ife Àgbáyé. Họ́ńgárì ti fi góòlù 8 sí 3 na wọ́n ṣáájú nínú ìdíje kan náà, wọ́n sì tún gbá 2 wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará Jámánì wọ bàtà tí Adi Dásílà ṣe, tí sítọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣeé tú kí wọ́n sì de òmíràn. Nígbà tí pápá di ẹrẹ̀, gígùn ni wọ́n dè sí i. Jámánì borí pẹ̀lú góòlù 3 sí 2, Helmut Ráàn ló gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Sítọ́ọ̀dù kọ́ ló gbá a wọlé, àmọ́ ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ rí mọ̀ pé ó ṣòro láti yìn bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹsẹ̀ tó dúró bá ń yọ̀.

Ohun tí SG ń ṣe títí dòní náà nìyẹn. Sítọ́ọ̀dù irin mẹ́fà tó ṣeé tú, èyí tó kúrú sábà máa ń wà níwájú, èyí tó gùn ní ẹ̀yìn, láàárín mìlímítà 11 sí 15. Àlàfo àárín wọn fẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè já bọ́. Òmíràn tó jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí da irin pọ̀ mọ́ ike. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ tó rọ̀ jinlẹ̀. Ibí ni àrékérekè pápá tiwa wà: lóṣù keje, òjò á rọ̀, òkè ilẹ̀ á di ẹrẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n ìka méjì péré sísàlẹ̀, ilẹ̀ pupa ṣì gan síbẹ̀ bó ṣe wà. Sítọ́ọ̀dù gígùn á gba inú ẹrẹ̀ kọjá, á lọ kan ibi líle, ẹsẹ̀ á sì yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta inú odò. Amọ̀ tó ń lẹ̀ náà á dí àlàfo sítọ́ọ̀dù pa, títí abẹ́ bàtà á fi di pẹrẹsẹ. Kí ẹ tó wọ irin, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé gún ilẹ̀ náà níbi mẹ́ta mẹ́rin, ní àárín pápá àti níwájú ojú ilé. Tó bá wọlé dé ìdí láìlo agbára, SG lè ṣiṣẹ́. Tó bá wọlé dé ìlàjì kó tó le, FG ló tó. Tó bá jẹ́ orí rẹ̀ nìkan ló wọlé, ẹ gbé gbogbo ohun gígùn jù sílẹ̀.

Bí sítọ́ọ̀dù ṣe rí náà kò ṣeé fojú fò, yàtọ̀ sí bó ṣe gùn. Èyí tó rí roboto ń yí nínú ilẹ̀ láìjà, ibi yòówù kí ẹsẹ̀ kọjú sí. Èyí tó rí pẹlẹbẹ bí abẹ ń di ilẹ̀ mú dáadáa fún ẹni tó ń sáré tààrà, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ yí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ ló máa fi ti ilẹ̀, ó sì ń kọ̀. Èmi kì í dá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn abẹ lórí koríko àtọwọ́dá.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju bàtà kan lọ, tó ń gbá lórí ilẹ̀ gbígbẹ lónìí, lórí koríko àtọwọ́dá lọ́la, kò gbọdọ̀ ra SG láé, àní bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ fi ta á lọ́pọ̀. AG ló sàn jù fún un. Tí kò bá rí i, kó wá FG tí sítọ́ọ̀dù rẹ̀ rí roboto, tó kúrú, tó sì pọ̀. Nínú òkirikà, kó fi ọwọ́ mi sítọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kó tẹ iwájú bàtà kó wo bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ ń ṣí, kó sì fi méjèèjì sórí tábìlì tó tẹ́: èyí tó bá ń mì ti jẹ lápá kan, yóò sì máa yí ẹsẹ̀ sí apá yẹn.

Àwọn kan máa ń gbé sítọ́ọ̀dù gígùn lọ bá oníṣẹ́ bàtà kó bá wọn fi ọ̀bẹ gé e kúrú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé sítọ́ọ̀dù máa ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ìdí, nítorí náà èyí tí wọ́n gé á ní orí tó fẹ̀ tó sì tẹ́, á máa yọ̀ lórí koríko. Etí ibi tí ọ̀bẹ gbà á sì mú. Òfin kẹrin bọ́ọ̀lù kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù wọ ohunkóhun tó lè ṣe òun tàbí ẹlòmíràn léṣe. Nínú ìdíje tó bá lórúkọ, adájọ́ á ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ tó wọ pápá, á fi ọwọ́ ra abẹ́ bàtà. Tí etí sítọ́ọ̀dù bá họ ọ́ lọ́wọ́, ẹ ó jáde lọ wá bàtà mìíràn, kò sì ní jẹ́ kí ẹ wọlé títí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.